Níbi Tí Àwo àti Páìpù Ti Pàdé

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan nínú oṣù kẹta, nígbà tí oòrùn ti gun Òkè Pàtì dé góńgó, tí àpáta sì ń dá ooru rẹ̀ padà sórí ìlú Lọ́kọ́ja bí ìgbà tí ènìyàn bá dúró ti ẹnu iná alágbẹ̀dẹ, ni ìyá àgbà kan ránṣẹ́ pè mí sí ilé rẹ̀ ní Lokongóma. Olùkọ́ ni ìyá náà kó tó fẹ̀yìn tì, ọmọ Yàgbà ni, ẹni tí kì í fi ìmọ́tótó ṣeré, tí ilẹ̀ ilé rẹ̀ ń dán tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn fi lè rí eyín ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti bí ọdún kan ààbọ̀ tí wọ́n ti yọ àwo ìgbọ̀nsẹ̀ àtijọ́ kúrò, tí wọ́n sì gbé tuntun sí ipò rẹ̀, òórùn kan ti ń gbé inú ilé náà tí ọṣẹ kò lè lé, tí omi apakòkòrò kò sì lè bò mọ́lẹ̀.

"Òkun o, Baba," ni ó wí bí mo ti wọlé. "Ẹ kú ooru. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wo ilé yìí. Mo ń fọ̀ ọ́ láàárọ̀, mo ń fọ̀ ọ́ lálẹ́, síbẹ̀ bí àlejò bá dé, ojú a máa tì mí."

Mo wo inú àwo náà, mo rí i pé omi inú rẹ̀ dúró digbí, ó mọ́, kò sì fà. Mo ní, "Òkun, Màmá. Ẹ má fi fífọ̀ dá ara yín lágara mọ́. Ohun tó ń rùn kò sí níbi tí ọwọ́ ọṣẹ yín lè dé."

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé ẹni tí kì í ṣe oníṣẹ́ omi, ó yẹ kí n sọ bí àwo wọ̀nyí ti rí. Ọrùn àwo ìgbọ̀nsẹ̀ tẹ̀ bí ọrùn lékeléke, omi a sì máa dúró nínú ìtẹ̀ ọrùn náà nígbà gbogbo, tí jíjìn rẹ̀ a máa tó mìlímítà 50. Omi yìí ni aṣọ́nà, òun ni kì í jẹ́ kí atẹ́gùn búburú inú sókàwéè gba inú àwo wọ ilé. Ọmọ ilẹ̀ Skọ́tí kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ aago ṣíṣe, Alẹkisáńdà Kọ́míìnì, ni ó gba ìwé àṣẹ lórí irú ọrùn bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1775, láti ìgbà náà wá kò sì sí ẹni tó tíì rí aṣọ́nà tó dára ju omi lọ. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ibi tí aṣọ́nà náà dúró sí: inú àwo ló wà. Ní ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí ẹnu àwo ti ń wọ ẹnu páìpù ẹ̀gbin, kò sí aṣọ́nà kankan mọ́ bí kò ṣe oríkèé tí oníṣẹ́ so. Bí oríkèé yìí bá sán níwọ̀n irun orí, omi lè má kán sílẹ̀ rárá, nítorí pé ìsàlẹ̀ páìpù ni omi ń gbà sáré kọjá, ṣùgbọ́n atẹ́gùn a máa gba orí jáde ní ọ̀sán àti ní òru, ẹni tó ni ilé a sì máa fọ àwo tí kò ṣẹ̀, nígbà tí ọ̀daràn wà lẹ́yìn ibẹ̀ láàrin àwo àti ògiri. Àwọn baba wa ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ní ti oríkèé yìí, ẹnu tí ògiri là kì í hàn sí ojú, imú ni í kọ́kọ́ rí i.

Mo kúnlẹ̀, mo sì tan iná sí ẹ̀yìn àwo. Ohun tí mo rí kò yà mí lẹ́nu. Ẹni tó gbé àwo náà sílẹ̀ ti ki kọnẹ́kítọ̀ gbọọrọ kan, èyí tí kò ní ìyẹ̀ sí apá kankan, bọ ẹnu páìpù. Nígbà tí kò bá ibi tí ó ń lọ mu, ó ti fi agbára tẹ̀ ẹ́ wá sísàlẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé ètè rọ́bà rẹ̀ fún mọ́ páìpù pinpin nísàlẹ̀, tí àlàfo tó gba ìka ọmọdé sì wà lókè. Àlàfo yìí ni ó fi sìmẹ́ńtì funfun dí, tí ó sì fi ìka ra á títí ó fi jọ iṣẹ́ tó dára. Ìlà kan báyìí ti wà yíká ibi tí sìmẹ́ńtì ti fara kan páìpù, kò nípọn ju òwú lọ, ṣùgbọ́n àwọ̀ rẹ̀ ti pọ́n bí omi tíì. Mo ya bébà ìnùdí gbígbẹ, mo lọ́ ọ bí òwú àtùpà, mo sì ki í yí oríkèé ká. Mo po búlúù tí a fi ń fọ aṣọ funfun sínú táńkì ẹ̀yìn àwo, mo sì ní kí ọmọ iṣẹ́ mi máa tẹ omi sílẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀kan. Ní ìgbà kẹta, ojú àmì búlúù kan tó tó orí abẹ́rẹ́ yọ lára bébà náà ní apá òsì. Ní ìgbà karùn-ún, ó ti tàn tó èékánná. Mo fi han Màmá. Kò sọ̀rọ̀, ó kàn mi orí.

N kò fẹ́ dá ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà lẹ́bi ju bí ó ti yẹ lọ, nítorí sìmẹ́ńtì kì í ṣe ìwà òmùgọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní ayé ìgbà tí páìpù ẹ̀gbin jẹ́ amọ̀ sísun, tí àwo náà sì jẹ́ amọ̀ sísun, ọmọ ìyá kan náà ni àwọn méjèèjì. Wọn kì í wú, wọn kì í súnkì púpọ̀, ara wọn sì rí ṣáṣá tó fi jẹ́ pé sìmẹ́ńtì tí a pò mọ́ iyanrìn a máa di wọ́n mú, lẹ́yìn tí a bá ti kọ́kọ́ fi okùn yíyí dí ìsàlẹ̀ àlàfo kí ìpòpọ̀ náà má baà ṣàn wọ inú páìpù. Ọ̀nà yẹn ni àwọn ọ̀gá àtijọ́ kọ́, òun ni wọ́n sì fi kọ́ ọmọ iṣẹ́ wọn. Ìgbà tí páìpù rọ́bà líle dé tí ó sì lé amọ̀ kúrò lọ́jà, páìpù yí padà, ọwọ́ kò yí padà. Ara páìpù tuntun yìí ń yọ̀ bí ara ẹja àrọ̀, sìmẹ́ńtì kì í lẹ̀ mọ́ ọn, ó kàn ń yí i ká ni. Páìpù náà a sì máa wú nínú ooru, a máa súnkì nínú òtútù, tó bẹ́ẹ̀ tí páìpù mítà mẹ́ta tí ó wà lójú oòrùn lára ògiri ẹ̀yìnkùlé, bí ooru rẹ̀ bá fi ìwọ̀n 15 lórí Sẹ́síọ́sì yàtọ̀ láàrin òru àti ọ̀sán, yóò gùn sí i ní nǹkan bíi mìlímítà mẹ́ta. Ní Lọ́kọ́ja wa yìí, páìpù tí oòrùn ń pa a máa ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́. Sìmẹ́ńtì tó bá gbẹ kò mọ bí a ti í tẹ̀ fún ẹlòmíràn: bí kò bá fọ́ fúnra rẹ̀, yóò fọ́ àwo.

Mo mọ èyí tó ń fọ́ àwo náà dájú, nítorí ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Nígbà tí mo wà lọ́mọ iṣẹ́ ní Kàbà, mo fi sìmẹ́ńtì tẹ́ ìdí àwo kan, mo sì fi òmíràn di ẹ̀yìn rẹ̀ pọ̀ mọ́ ẹnu páìpù, inú mi sì dùn pé bí erin bá fara tì í kò ní mì. Kò pé oṣù mẹ́ta tí ìlà fi là láti ibi ihò súkúrúù títí dé ọrùn àwo. Ọ̀gá mi kò nà mí, kò sì bú mi. Ó fún mi ní ọmọ owú àti ṣísẹ́ẹ̀lì, ó ní kí n hú u kúrò. Odidi ọjọ́ kan ni mo fi gbẹ́ sìmẹ́ńtì náà kúrò lẹ́nu páìpù láìjẹ́ kí páìpù fọ́, ọjọ́ náà sì kọ́ mi ju ọdún kan lọ.

Ó wá kù kí a mọ ìdí tí kọnẹ́kítọ̀ gbọọrọ fi kọ̀ láti bá ibi tí ó ń lọ mu nílé ìyá yìí. A kọ́ ilé náà láìpẹ́ lẹ́yìn tí a dá Ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 1991, tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń tú wá láti Kúwárà àti Bẹ́núè, tí gbogbo ènìyàn sì ń wá ibi tí yóò forí pamọ́ sí. Ilẹ̀ sìmẹ́ńtì lásán ni wọ́n fi parí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nígbà náà, wọ́n sì ti ṣe ẹnu páìpù sí ara ògiri kí ó bá ẹnu àwo ìgbà náà mu rẹ́gí. Nígbà tí àwọn ọmọ ìyá náà fẹ́ fi táìsì dá a lọ́lá, bíríkìlà tẹ́ ìpòpọ̀ mìlímítà 25, ó sì to táìsì tó nípọn mìlímítà 10 lé e lórí. Ilẹ̀ gòkè ní mìlímítà 35, àwo tuntun tí a gbé lé e lórí bá ilẹ̀ gòkè, ṣùgbọ́n páìpù inú ògiri dúró síbi tí ó ti wà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Mo fi téèpù wọ̀n ọ́n: láti orí táìsì dé àárín ẹnu àwo jẹ́ mìlímítà 180, láti orí táìsì dé àárín ẹnu páìpù jẹ́ 145. Kò tán síbẹ̀. Nítorí pé àwọn ọmọ fẹ́ kí àwo dúró ní àárín gbùngbùn láàrin ògiri méjèèjì, wọ́n ti sún un sí ọ̀tún díẹ̀, páìpù sì kù sí òsì pẹ̀lú mìlímítà 20. Páìpù rẹlẹ̀ sí àwo, ó sì yà kúrò lọ́nà rẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ ṣe é kò wọn ọ̀kankan nínú méjèèjì.

Irú ọ̀ràn báyìí ni wọ́n ṣe kọnẹ́kítọ̀ ọ́fúsẹ́ẹ̀tì fún. Ẹni tí kò bá tíì rí i, kí ó fojú inú wo agolo kékeré kan tí ẹnu rẹ̀ méjèèjì kò dúró lórí ìlà kan náà, bí ẹni tó wọ inú ilé láti ẹnu ọ̀nà iwájú tí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn sì wà ní ìgbésẹ̀ kan sí ẹ̀gbẹ́. Ẹnu tó fẹ̀ ni ẹnu àwo ń wọ̀, rọ́bà sì wà nínú rẹ̀ tí yóò di àwo mú. Apá tó tín-ín-rín ni a ń tì bọ páìpù, ètè rọ́bà bíi mélòó kan sì yí i ká níta, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, tí wọn yóò tẹ̀ sẹ́yìn bí a ti ń tì wọ́n wọlé, tí wọn yóò sì fún mọ́ inú páìpù. Ìyàtọ̀ tó wà láàrin àárín ẹnu kan àti àárín ẹnu kejì ni a fi ń pe orúkọ rẹ̀; èyí tí ó wọ́pọ̀ jẹ́ ti mìlímítà 20 àti ti mìlímítà 40. Ìwọ̀n tirẹ̀ nìkan ló lè fún ni. Ẹni tó bá ra ti 20 tí ó sì fẹ́ fi agbára fà á dé 40 ti padà sí ibi tí ẹni àkọ́kọ́ wà, nítorí ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko; bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tó bá ki ọ́fúsẹ́ẹ̀tì kan bọ inú òmíràn kí ó lè jìnnà tó, oríkèé mẹ́ta ló ti dá sílẹ̀ níbi tí ó yẹ kí méjì wà, ẹ̀gbin yóò sì máa kọsẹ̀ nínú ìwọ́kọwọ̀kọ náà.

Ọmọ iṣẹ́ mi wo ìwọ̀n méjèèjì, ó ní, "Ọ̀gá, 35 sísàlẹ̀, 20 sí òsì. Àbí kí n ra èyí tó jẹ́ 55?"

Ìbéèrè tó dára ni, mo sì fi lẹ́ẹ̀dì yà á fún un lára ògiri. Mo fi àmì sí àárín ẹnu àwo, mo sọ̀kalẹ̀ ní 35, mo yà sí òsì ní 20, mo fi àmì kejì síbẹ̀. Mo wá ní kí ó na téèpù tààrà láti àmì kan dé èkejì, kí ó má gba ọ̀nà tí mo gbà. Mìlímítà 40 ni ó bá, pẹ̀lú èérún tí kò tó nǹkan. Ọ̀kan ṣoṣo ti 40 ti tó nígbà náà, bí a bá kàn yí i. Bí a bá dojú kọ ògiri tí a sì mú ẹnu àwo bí ojú aago, kọnẹ́kítọ̀ tó bá sọ̀kalẹ̀ gbọnrangandan ń tọ́ka sí agogo mẹ́fà. Èyí tí a nílò yóò tọ́ka sí agogo méje. Ohun tí púpọ̀ nínú wa kì í rò nìyí nígbà tí a bá dúró níwájú ìsọ̀ tí a ń bínú pé ìwọ̀n tí a fẹ́ kò sí: ọ́fúsẹ́ẹ̀tì kan lè tọ́ka sí ibi gbogbo lójú aago, ibi tí ó sì tọ́ka sí ni yóò pín ìwọ̀n rẹ̀ láàrin ìsàlẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́.

Àmọ́ ìdajì òkè ojú aago náà, èèwọ̀ ni. Bí ó bá jẹ́ páìpù ló ga ju ẹnu àwo lọ, a kò gbọdọ̀ yí ọ́fúsẹ́ẹ̀tì sókè kí ẹ̀gbin máa gun òkè. Ìsàlẹ̀ kọnẹ́kítọ̀ yóò di kòtò, omi yóò máa dúró níbẹ̀, bébà yóò kó jọ sí i, rọ́bà yóò sì wà nínú omi ẹ̀gbin láti ọdún dé ọdún. Ohun tó yẹ níbẹ̀ ni kí a gbé àwo ga lórí ìpèlé líle tó dúró gbagidi, tàbí kí a la ògiri kí a sì gbé páìpù sọ̀kalẹ̀. Èyí kejì ni iṣẹ́ ńlá, onílé kì í fẹ́ gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ó sàn kí a sọ fún un. Ní ti kọnẹ́kítọ̀ oníwíwún tó ń fà bí dùùrù alátẹ́gùn, mo ti lò ó níbi tí kò sí ọgbọ́n mìíràn, n kò sì fẹ́ràn rẹ̀: ìwún rẹ̀ a máa di ẹ̀gbin mú, bí ó bá sì gùn, ikùn rẹ̀ a máa sọ̀.

A ti omi pa, a gbọn táńkì gbẹ, a sì fi aṣọ fa omi ọrùn àwo tán kí ó má baà dà sílẹ̀ nígbà tí a bá gbé e. Sìmẹ́ńtì funfun náà wá kúrò ní ẹyọ ńlá mẹ́ta, bí èèpo ẹ̀pà, èyí tó fi hàn pé kò lẹ̀ mọ́ ohunkóhun rí. Mo fi àkísà dí inú páìpù kí èérún má baà bọ́ sínú rẹ̀, mo sì fi èékánná yí etí ẹnu rẹ̀ ká. Níbi yìí ni sùúrù wà. Páìpù tí à ń pè ní ínṣì mẹ́rin, tí ó jẹ́ mìlímítà 110 láti etí dé etí lóde, kì í nípọn bákan náà lọ́jà wa. Èyí tó fẹ́lẹ́ a máa tẹ̀ di ẹyin nínú ògiri, ètè rọ́bà kì í sì í dí ẹyin. A gbọ́dọ̀ wọn inú rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ àti láti òsì dé ọ̀tún kí a tó gbà á gbọ́. Ti Màmá yí po. Ṣùgbọ́n ayùn ti já etí rẹ̀ ní wọ́kọwọ̀kọ, èérún sìmẹ́ńtì àtijọ́ sì wà nínú rẹ̀ bí eyín. Mo gé mìlímítà 25 kúrò kí ẹnu rẹ̀ lè gún régé, tí àwo yóò sì lè sún mọ́ ògiri bí ó ti yẹ, mo fi fáìlì dán etí rẹ̀ nínú kí ó má baà ya rọ́bà, mo sì fi aṣọ tútù nù ún títí ìka mi kò fi rí nǹkan kan mú mọ́.

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti í wò ó. Kí ọṣẹ tó kan rọ́bà, mo kọ́kọ́ to gbogbo rẹ̀ ní gbígbẹ: mo ti kọnẹ́kítọ̀ díẹ̀ bọ páìpù, mo yí i sí agogo méje, mo sì gbé àwo wá síwájú rẹ̀ láti rí i pé ẹnu àwo ń wo ẹnu kọnẹ́kítọ̀ ní ojúkojú, tí kò wò ó ní ìwò ẹ̀gbẹ́. Nígbà tí ó tẹ́ mi lọ́rùn, mo fi lẹ́ẹ̀dì fa ìlà kan láti ara kọnẹ́kítọ̀ lọ sí ara páìpù, kí n lè mọ̀ bí ó bá yí nígbà tí mo bá ń tì í; mo fa òmíràn yí ìdí àwo ká lórí táìsì, mo sì fi àmì sí ojú ihò súkúrúù. A gbé àwo kúrò, a lu ihò, láìjẹ́ kí dírílì máa gbá nígbà tí ó ṣì wà lára táìsì, nítorí gbígbá ní í fọ́ táìsì. Ìgbà tí ó bá dé sìmẹ́ńtì ni ó tó máa gbá.

Ọṣẹ olómi ni mo fi pa ètè rọ́bà àti inú páìpù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa fi girísì mọ́tò tàbí fasilíìnì pa á, ó sì máa ń wọlé wọ́ọ́rọ́. Ṣùgbọ́n òróró tó ti inú epo rọ̀bì wá a máa jẹ rọ́bà, a máa mú un wú, a máa mú un rọ̀, lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ètè tó yẹ kó fún mọ́ páìpù yóò ti dẹ̀. Ọṣẹ ń gbẹ, kì í pa rọ́bà lára. Mo ti kọnẹ́kítọ̀ náà wọlé pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, mo ń tì í gbọnrangandan, láìmì í sọ́tùn-ún sósì, títí ètè tó gbẹ̀yìn fi wọ inú páìpù tán. Bí ètè kan bá kù síta, iṣẹ́ kò tíì parí, ohun yòówù kí ojú sọ. Mo wá ki ọwọ́ sí inú rẹ̀, mo fi ìka tọ ìdí rọ́bà ká pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ láti mọ̀ bóyá ètè kan ti ká padà sí iwájú, nítorí ètè tó bá ká ti la ọ̀nà sílẹ̀ fún atẹ́gùn, kò sì sí ẹni tí yóò rí i láti ìta mọ́. Lẹ́yìn èyí ni a pa ọṣẹ sí ẹnu àwo, èmi ní apá kan, ọmọ iṣẹ́ ní apá kejì, a sì fà á wá lórí ilẹ̀ títí ẹnu rẹ̀ fi wọ inú kọnẹ́kítọ̀, tí ìdí rẹ̀ sì bá ìlà lẹ́ẹ̀dì mu. Mo wo ìlà ara páìpù: kò yẹ̀.

A fi súkúrúù dè é pẹ̀lú wáṣà rọ́bà lábẹ́ orí rẹ̀, a ń yí tọ̀tún díẹ̀, a ń yí tòsì díẹ̀, lẹ́fẹ̀lì sì wà lórí àwo. A dúró níbi tí àwo kò ti mì mọ́, a kò fún un kọjá ibẹ̀. Ìdí kan nìyí tí oríkèé fi ń bàjẹ́ tí ènìyàn kì í fura sí: àwo tó ń mì níwọ̀nba ìka ọwọ́ nígbà tí ènìyàn bá jókòó ń fi rọ́bà ha páìpù nígbà ogún lóòjọ́.

Ọmọ iṣẹ́ mi ti mú sílíkóònù lọ́wọ́, ó fẹ́ fi yí oríkèé ká. Mo ní kí ó gbé e sílẹ̀. Bí rọ́bà bá dí, sílíkóònù kò ní iṣẹ́ níbẹ̀. Bí rọ́bà kò bá dí, sílíkóònù yóò bò ó mọ́lẹ̀ fún oṣù mẹ́fà bí sìmẹ́ńtì ti bò ó, ni wọn yóò bá tún ránṣẹ́ pe ẹlòmíràn. A dá omi padà, a lọ́ bébà gbígbẹ yí oríkèé méjèèjì ká, a po búlúù, a sì tẹ omi sílẹ̀ ní ìgbà mẹ́wàá, lẹ́yìn náà a da odidi bọ́kẹ́ẹ̀tì kan sí i lẹ́ẹ̀kan náà kí ẹnu páìpù lè kún. Bébà náà funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú. Ìgbà yìí ni mo tó jẹ́ kí ó fa sílíkóònù yí ìdí àwo ká níbi tí ó ti fara kan táìsì, kí omi fífọ ilẹ̀ má baà wọ abẹ́ rẹ̀, a sì fi àlàfo ìwọ̀n ìka mẹ́rin sílẹ̀ ní ẹ̀yìn. Màmá bi mí pé ẹ ò ṣe parí rẹ̀. Mo ní, "Màmá, ojú ọ̀nà ni a fi sílẹ̀ níbẹ̀. Bí omi bá ń jò lọ́jọ́ kan, ẹ̀yìn ni yóò gbà jáde, ẹ ó sì rí i. Bí a bá dí i pátá, abẹ́ àwo ni yóò máa kún sí."

Ohun kan ṣì kù tí oníṣẹ́ Lọ́kọ́ja kò gbọdọ̀ gbàgbé, èyí tí oníṣẹ́ ìlú mìíràn lè má rò. Àárín omi ńlá méjì ni a wà. Odò Ọya, arìnrìn-àjò tí í ti òkèèrè wá láìgbé ẹrù, pàdé Bẹ́núè níbí, a sì rí ohun tí wọ́n lè ṣe ní ọdún 2012 àti ní ọdún 2022, nígbà tí wọ́n bo Adánkóló àti ọ̀nà Ganája mọ́lẹ̀. Kí omi tó wọ ẹnu ọ̀nà ilé ni ó ti kọ́kọ́ kún inú ilẹ̀, tí sókàwéè kò sì rí ibi tí yóò da tirẹ̀ sí mọ́. Ohun tí onílé ń gbọ́ ni kí àwo máa ró gúlú-gúlú bí ìkòkò ògì, kí omi inú rẹ̀ sì máa gòkè, máa sọ̀. Ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀, oríkèé tó ti ń rí omi sáré kọjá nísàlẹ̀ nìkan yóò kún fọ́fọ́, omi yóò sì máa tì í láti inú. Ètè rọ́bà tó wọlé tán lè fara da ìtì kékeré bẹ́ẹ̀, sìmẹ́ńtì tó ti sán kò lè fara dà á. Síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe tan onílé jẹ pé kọnẹ́kítọ̀ yóò dá ẹ̀kún omi dúró: bí omi inú páìpù bá ga ju etí àwo lọ, inú àwo fúnra rẹ̀ ni yóò gbà wọlé, àfi bí a bá fi fáàfù tí kì í jẹ́ kí omi padà sẹ́yìn sí ojú páìpù níta.

Ilé Màmá wà lórí ilẹ̀ tó ga díẹ̀, ṣùgbọ́n òjò ọdún náà pọ̀, ní oṣù kẹwàá mo sì yà síbẹ̀ láti wò ó. Ó ní àwo náà ró ní alẹ́ ọjọ́ mélòó kan, ó sì dákẹ́. Mo kúnlẹ̀ pẹ̀lú iná, mo fi bébà gbígbẹ nu oríkèé ká, mo fi ìka tọ àlàfo ẹ̀yìn àwo, mo sì wo ìlà lẹ́ẹ̀dì tí mo fà láti ara kọnẹ́kítọ̀ dé ara páìpù. Ó ti ń pa rẹ́ díẹ̀, apá kan rẹ̀ sì dojú kọ èkejì bí mo ti fi í sílẹ̀.